Kí O Tó Fọwọ́ Sí Iṣẹ́ Ọjà Títà Tí Kọmíṣọ́ọ̀nù Pọ̀ Nínú Owó Rẹ̀

Àbúrò mi ọkùnrin gbé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kan wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe júùsì àti bisikíìtì ló fẹ́ gbà á, kí ó máa ta ọjà wọn fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ní apá àríwá Ìbàdàn. Owó oṣù pàtó jẹ́ ₦80,000. Kọmíṣọ́ọ̀nù jẹ́ náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún náírà ọjà tó bá tà. Tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ ₦12,000,000 lóṣù. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ó lè máa gba ₦320,000 lóṣù. Ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe irú iṣẹ́ yìí kí n tó kúrò níbẹ̀, nítorí náà mi ò bá wọn dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ₦320,000 lè jẹ́ owó tí èèyàn ń gbà lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ owó tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí ní agbègbè náà. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ojú mọ èyí tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí a fi lè wádìí rẹ̀ kí a tó fọwọ́ síwèé, kò sì gba èmi àti àbúrò mi ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Bí a ṣe ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé, kí ẹni tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣe tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ya owó tó dájú sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí kò dájú

Mú bírò, kí o ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kejì. Fa ìlà sábẹ́ owó tí wọn yóò san fún ọ bí o kò bá tiẹ̀ ta páálí kan. Ti àbúrò mi jẹ́ ₦80,000, àti ₦30,000 tí wọ́n pè ní owó ọkọ̀. Ohun gbogbo tó kù, “bí” ló ṣáájú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n ti sọ ìgbà tí kọmíṣọ́ọ̀nù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Nínú lẹ́tà yìí, ojú ewé kejì ló wà: ẹni tí kò bá ta tó ìdá 80 nínú 100 tágẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní kọmíṣọ́ọ̀nù kankan lóṣù yẹn. Ìdá 80 nínú ₦12,000,000 jẹ́ ₦9,600,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí àbúrò mi bá ta ₦9,500,000, òwò ńlá nìyẹn, síbẹ̀ ₦80,000 náà ni yóò gbà. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ náà máa ń pè é ní géètì. Bí lẹ́tà tìrẹ kò bá sọ ohunkóhun nípa géètì, má rò pé kò sí. Béèrè.

Ohun kejì tí o gbọ́dọ̀ wá ni bóyá orí ọjà tí o tà ni wọ́n ti ń ṣírò kọmíṣọ́ọ̀nù, tàbí orí owó tó ti wọlé. Ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù a máa ra àwìn. Bí wọ́n bá jẹ ọ́ ní gbèsè títí oṣù fi parí, kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú owó ọjà náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí nítorí pé àwọn ọmọ wa kì í mọ̀ ọ́n. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà ti di ₦70,000 láti oṣù Keje ọdún 2024. Ṣùgbọ́n òfin tó gbé owó náà kalẹ̀ yọ àwọn kan sílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún lórí kọmíṣọ́ọ̀nù sì wà lára wọn. Òfin Òṣìṣẹ́ náà, tó ní kí agbanisíṣẹ́ kọ àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta, tó sì dí i lọ́wọ́ kí ó má máa yọ owó oṣù bó ṣe wù ú, kò ka ẹni tó ń káàkiri ta ọjà fún iléeṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tí òfin náà ń dáàbò bò. Apá 91 nínú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà “òṣìṣẹ́”, ni wọ́n ti yọ wọ́n kúrò. Nítorí náà, ohun tó bá wà nínú lẹ́tà rẹ nìkan ni apata tí o ní. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi ẹnu sọ fún ọ nínú ọ́fíìsì kò lè gbà ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: sọ tágẹ́ẹ̀tì di páálí, kí o wá sọ ọ́ di ọjọ́

Mílíọ̀nù méjìlá náírà kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó ga létí, kò sì sí ẹni tó lè fojú inú rí i. Ohun tí èèyàn lè rí ni páálí tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Béèrè iye tí wọ́n ń ta páálí kan. Ọjà tiwọn kì í ṣe ẹyọ kan, àmọ́ bí a bá da júùsì àti bisikíìtì pọ̀, páálí kan ń lọ sí nǹkan bí ₦11,000. Pín ₦12,000,000 sí ₦11,000, ó di páálí 1,090 lóṣù. Ó yá, ọjọ́ mélòó ni o ní? Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ọjọ́ iṣẹ́ nínú oṣù máa ń tó 26. Yọ ọjọ́ tí wọ́n ń ka ọjà ní ìparí oṣù, yọ ọjọ́ ìpàdé, yọ ọjọ́ ìsinmi ìjọba, yọ ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde. Lójú tèmi, 22 ló máa ń kù. Páálí 1,090 ní ọjọ́ 22 jẹ́ nǹkan bí páálí 50 lójúmọ́.

Ìbéèrè tó kù ni pé ṣé ẹnì kan lè ta páálí 50 lójúmọ́ ní Akínyẹlé. Aago rẹ ni yóò kọ́kọ́ dá ọ lóhùn. Ìpàdé òwúrọ̀ ní dípò, ibi tí iléeṣẹ́ ń kó ọjà sí, kì í tán kí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ tó lù. Bí o bá dé ìta ní aago mẹ́wàá, tí o sì ń ṣiṣẹ́ títí di márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wákàtí méje lo ní. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, wàá kí wọn, wàá wo ohun tó kù lórí pẹpẹ, wàá dúró kí ìyá náà dá oníbàárà tirẹ̀ lóhùn, wàá gba owó, wàá kọ rìsíìtì. Ìṣẹ́jú 12 nìyẹn bí ara bá yá. Fi ìṣẹ́jú márùn-ún tí o fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù kejì kún un. Ṣọ́ọ̀bù 25 ni yóò jẹ́ lójúmọ́, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ti sún mọ́ra wọn.

Gbogbo ẹni tí o bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ́ ni yóò rà. Nígbà tí mo ń ṣe é, bí ìdajì wọn bá rà, mo ka ọjọ́ náà sí ọjọ́ rere. Ṣọ́ọ̀bù kékeré sì máa ń ra páálí méjì, nígbà mìíràn ẹyọ kan. Méjìlá tàbí mẹ́tàlá nínú ṣọ́ọ̀bù 25, páálí méjì méjì: páálí 25 lójúmọ́. Tágẹ́ẹ̀tì ń béèrè 50. Géètì fúnra rẹ̀ ń béèrè 40.

Má gba nọ́mbà mi wọlé bẹ́ẹ̀ o. Ọjà tìrẹ lè yàtọ̀. Ohun tó dára jù ni pé kí o bẹ máníjà pé kí wọ́n jẹ́ kí o tẹ̀ lé ẹnì kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà jáde fún ọjọ́ kan kí o tó fọwọ́ síwèé. Sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bá ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà níta jáde lọ́jọ́ kan, kí n lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí.” Iléeṣẹ́ tó mọ̀ pé tágẹ́ẹ̀tì òun ṣeé bá kì í bẹ̀rù ìbéèrè yìí. Ní ọjọ́ náà, má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ka ṣọ́ọ̀bù tí ẹ dé, ka èyí tó rà, ka páálí. Ohun mẹ́ta péré.

Kí ló fà á tí tágẹ́ẹ̀tì fi máa ń ga ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ? Ọ̀pọ̀ ìgbà, orí tábìlì ní oríléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n mú iye tí iléeṣẹ́ fẹ́ tà lọ́dún, wọ́n pín in fún iye àwọn tó ń tà á, wọ́n fi díẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó lọ ka ṣọ́ọ̀bù. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, ohun mìíràn tún ti wọ̀ ọ́: bí owó ọjà ṣe ń gun òkè ni wọ́n ń gbé tágẹ́ẹ̀tì náírà sókè, wọ́n sì rò pé nǹkan kò yí padà. Àmọ́ bí páálí ṣe ń wọ́n sí i ni àwọn èèyàn ń dín iye tí wọ́n ń rà kù. Nítorí náà, béèrè páálí tí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá tà, kí o fi wé páálí tí wọ́n fẹ́ kí o tà. Má fi náírà wé náírà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lọ fi ẹsẹ̀ rin agbègbè náà

Nínú lẹ́tà, “Akínyẹlé” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nílẹ̀, ó ti Ojóò lọ sí Mọ́níyà tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ náà wà, ó tún lọ títí dé Ìjàyè, pẹ̀lú àwọn abúlé tí èèyàn ń fi ọ̀kadà dé. Agbègbè ńlá kì í ṣe agbègbè dáadáa. Agbègbè tó fẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jìnnà síra ń jẹ wákàtí rẹ, ó sì ń jẹ owó ọkọ̀ rẹ. Agbègbè kékeré tí ṣọ́ọ̀bù kún bámúbámú, tí àwọn máákẹ́tà mẹ́ta ti ń pín, òun náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ohun tí o ń wá ni iye ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ tìrẹ, tí ẹlòmíràn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà fún.

Ọjọ́ méjì la fi rìn ín. Ìwé ìkọ̀wé kékeré kan ló wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Lójú pópó Ojóò, ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Mọ́níyà, ní àyíká ibùdókọ̀ reluwé, àti ní àwọn àdúgbò tí wọ́n ń kọ́lé tuntun sí. Ó ń ka gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta júùsì tàbí bisikíìtì irú tiwọn. Àwọn abúlé tó jìnnà, a ka wọ́n lórí ẹnu àwọn ọlọ́kadà, nítorí wọ́n mọ iye ìsọ̀ tó wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan ju ẹnikẹ́ni lọ. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù 220.

Kíkà nìkan kò tó. Yà ní bíi ogún nínú wọn, kí o ra nǹkan kékeré, kí o sì kí wọn bó ṣe yẹ: “Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọlé o.” Lẹ́yìn náà ni kí o wá béèrè. Ta ló ń gbé ọjà yìí wá fún yín, mà? Ìgbà wo ló wá gbẹ̀yìn? Páálí mélòó lẹ máa ń gbà lẹ́ẹ̀kan? Ìyá oníṣọ́ọ̀bù yóò sọ òótọ́ fún ọ, nítorí kò ní ìdí tó fi máa ṣe irọ́ fún ọmọ tó ra bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí a rí kò ṣeé rí nínú lẹ́tà rárá. Ọgọ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù 220 yẹn, àwọn tó tóbi jù, alágbàtà iléeṣẹ́ náà gan-an ló ń gbé ọjà fún wọn tààrà. Ọjà tí alágbàtà bá tà fún wọn kò ní wọ orúkọ àbúrò mi. Ìyá kan ní Ojóò tún sọ fún wa pé òun kì í dúró de máákẹ́tà kankan mọ́: òun a máa lọ sí Ògúnpa lọ ra ọjà ní àpapọ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ó ti dínwó. Bí ọjà iléeṣẹ́ kan bá ń dínwó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á ní àpapọ̀ ju bó ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tí iléeṣẹ́ rán jáde, ẹni tí wọ́n rán jáde yẹn ni yóò jìyà rẹ̀. Béèrè iye tí wọ́n ń rà á ní Ògúnpa tàbí Agbẹni, kí o sì fi wé iye tí wàá máa tà á.

Ṣọ́ọ̀bù 160 ló kù. Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù làwọn ń gba ọjà, páálí méjì lẹ́ẹ̀kan. Ìṣirò kejì nìyí, tí kò ní í ṣe pẹ̀lú aago rárá: 160 lọ́nà páálí mẹ́rin jẹ́ 640. Bí gbogbo wọn bá rà, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ̀, ₦7,040,000 ni ọjà náà. Géètì wà ní ₦9,600,000. Bí àbúrò mi bá ní ìyẹ́ apá tó ń fò láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, agbègbè náà kò ní ju iye yẹn lọ.

Ṣe ìṣirò méjèèjì. Ti aago sọ pé páálí 550 lóṣù, ti ṣọ́ọ̀bù sọ pé 640. Èyí tó kéré nínú wọn ni kí o mú. Bí méjèèjì bá wà lábẹ́ géètì, kọmíṣọ́ọ̀nù inú lẹ́tà yẹn kò sí.

Kí o má sì gbàgbé owó ọkọ̀. Láti dípò lọ sí Ojóò, láti Ojóò wọ inú àdúgbò, àti pípadà, a ná ₦3,500 lọ́jọ́ tí a rìn ín. Ní ọjọ́ 22, ₦77,000 ni. Iléeṣẹ́ ń san ₦30,000.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wá àwọn tó ti ṣe é rí

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ni àwọn èèyàn ń fò dá. Bí o bá béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ pé “Èló ni àwọn èèyàn yín ń gbà?” wọn yóò dárúkọ ẹni tó ṣe dáadáa jù, nínú oṣù tó dára jù. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nìyẹn, nínú oṣù kan.

Níbo ni a ti ń rí àwọn tó ti kúrò? Orí LinkedIn ni ọ̀pọ̀ ń wò, ó sì dára: kọ orúkọ iléeṣẹ́ náà, kí o wo àwọn tó kọ ọ́ pé àwọn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yá jù wà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń gbé ọjà wá tẹ́lẹ̀ ṣì wà lórí fóònù ìyá náà. Sọ pé: “Mà, wọ́n fẹ́ gbà mí síṣẹ́ tí bọ̀ọ̀dá yẹn ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè wọ́n, kí wọ́n gbà mí nímọ̀ràn.” Jẹ́ kí ìyá náà fúnra rẹ̀ pè é. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ bá pè yóò gbé e, yóò sì fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ọ̀nà yìí la fi rí mẹ́ta. LinkedIn fún wa ní méjì.

Ìyá yẹn tún sọ ohun kan láìmọ̀: èèyàn mẹ́ta ló ti ń gbé ọjà iléeṣẹ́ yìí wá fún òun láàárín ọdún méjì. Bíi oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ nìyẹn. Ibi tí èèyàn bá ti ń rí owó jẹ, wọn kì í tètè kúrò.

Má béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣé iṣẹ́ náà dára. Ẹni tí inú ń bí yóò ba iṣẹ́ náà jẹ́ fún ọ, ẹni tí kò fẹ́ kí ojú ti òun yóò bù sí i. Béèrè ohun tó ṣeé kà. Oṣù mélòó lẹ lò níbẹ̀? Nínú oṣù wọ̀nyẹn, mélòó ni ẹ ti wọ géètì? Nígbà tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó ni àláàtì kọmíṣọ́ọ̀nù wọlé? Ṣé wọ́n gbé tágẹ́ẹ̀tì sókè nígbà tẹ́ ẹ bá a? Bí ẹ bá yọ owó ọkọ̀ àti owó ọjà tó sọnù, èló ló ń kù fún yín lóṣù tí kò dára tí kò burú? Oṣù wo ni ọjà ń lọ, oṣù wo ni kò lọ? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì fún júùsì. Oṣù Kejìlá gbé gbogbo èèyàn ga, àsìkò ààwẹ̀ Ràmàdáánì náà ń tà dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lóṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án, ta ló ń wá júùsì tútù?

Ohun tí àwọn márùn-ún yẹn sọ pé ó ń kù fún wọn ni: ₦41,000, ₦55,000, ₦70,000, ₦95,000 àti ₦310,000. Bí o bá rò wọ́n pọ̀ tí o pín in sí márùn-ún, wàá rí ₦114,200, iléeṣẹ́ sì lè fi iye yẹn polówó iṣẹ́ náà láìpurọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú márùn-ún kò dé ibẹ̀. Má ṣe pín in. Tò wọ́n láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó pọ̀, kí o mú èyí tó wà láàárín. ₦70,000.

Kí o wá padà sọ́dọ̀ ẹni tó gba ₦310,000, kí o bi í bó ṣe ṣe é. A bi í. Ó ní alágbàtà kan ní Ojóò jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ òun, orúkọ òun ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ọjà rẹ̀. Nígbà tí òun kúrò, iléeṣẹ́ gba alágbàtà náà sọ́wọ́ ara wọn. Alágbàtà náà ló ń gbé ọjà fún ọgọ́ta ṣọ́ọ̀bù tí kò kan àbúrò mi mọ́. Nítorí náà, ₦310,000 yẹn kò sí ní agbègbè náà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n kọ ₦320,000 sínú lẹ́tà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kó gbogbo rẹ̀ jọ, kí o padà lọ bá wọn

Ìṣirò àbúrò mi kúrú. Bó ṣe wà nínú lẹ́tà, yóò ta nǹkan bí páálí 550, ìyẹn ₦6,050,000. Kò wọ géètì. Owó oṣù ₦80,000, owó ọkọ̀ ₦30,000, yọ ₦77,000 tí yóò ná lórí ọkọ̀. ₦33,000 ló kù. Ó sún mọ́ ohun tí ẹni tó kéré jù nínú àwọn márùn-ún sọ, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ìṣirò wa kò jìnnà sí òótọ́. Bí ìṣirò rẹ àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣe é bá jìnnà síra wọn púpọ̀, padà lọ wo ohun tí o kà. Ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀bù máa ra ju bí o ṣe rò lọ, tàbí kí o ti gbàgbé ìnáwó kan.

Iṣẹ́ kò pọ̀ nílẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ya lẹ́tà. Mo ní kí ó padà lọ pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀. Ẹ má lọ sọ fún ọ̀gá pé tágẹ́ẹ̀tì yín pọ̀ jù. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó kí máníjà, ó ṣí ìwé, ó ní: “Sà, mo rin Akínyẹlé já. Ṣọ́ọ̀bù 220 ni mo kà, alágbàtà yín ń gbé fún 60. 160 tó kù, bí gbogbo wọn bá rà lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, páálí 640 ni. Géètì ń béèrè 873. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni kí n ti rí ìyókù?” Máníjà náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí ó jókòó.

Nǹkan mẹ́rin ló béèrè fún. Kí wọ́n kó àwọn ọgọ́ta ṣọ́ọ̀bù yẹn sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n kọ tágẹ́ẹ̀tì ní páálí. Kí owó ọkọ̀ tó ₦60,000. Kí kọmíṣọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ láti orí páálí àkọ́kọ́, láìsí géètì, fún oṣù mẹ́fà. Wọn ò gba mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọ́n gba ìkẹrin, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà tuntun kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n kọ ọ́.

Ìyẹn nìkan yí ìṣirò padà. Bí ó bá ta páálí 550, kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ ₦121,000, ohun tó kù fún un lẹ́yìn owó ọkọ̀ di ₦154,000. Ẹni tuntun kì í ta tó bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò tíì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ta ìdajì rẹ̀, ₦93,500 ni. Ó lè fi ìyẹn jẹun nílé wa títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kù ni fọ́ọ̀mù oníduró. Wọ́n ní kí èèyàn méjì fọwọ́ sí i, èmi ni ẹnì kan. Nínú ti iléeṣẹ́ tí mo ṣiṣẹ́ fún nígbà kan, ó wà níbẹ̀ pé oníduró yóò san gbogbo gbèsè tó bá wà níta lórúkọ òṣìṣẹ́, títí kan àwìn tí oníṣọ́ọ̀bù kò san, mi ò sì rí i títí mo fi kúrò tí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ṣe oníduró fún mi. Nítorí náà mo ka ti àbúrò mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fa ìlà sórí ibi tí wọ́n ti dárúkọ àwìn, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé owó àti ọjà tó bá gbà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí kò fi jíṣẹ́ nìkan ni mo dúró fún, mo fọwọ́ sí i, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ kí n tó dá a padà. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ti fi bírò pupa sàmì sí oṣù keje tí yóò lò níbi iṣẹ́ náà lórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri yàrá rẹ̀, nítorí oṣù yẹn ni géètì yóò padà wọlé.